Wọ́n ní kí n lọ tún tẹ́ẹ̀sì ṣúgà mi ṣe

Oṣù tó kọjá ni mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà àárọ̀, èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu ohunkóhun fún wákàtí mẹ́jọ àfi omi lásán. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, ìwé jáde, 131 mg/dL. Mo sì ti mọ̀ pé tó bá ti dé 126, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. Ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ìyàwó mi ti ń fún ewúro o.

Dókítà wo ìwé, kò tiẹ̀ ya á lẹ́nu. Ó bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá, bóyá mo máa ń dìde tọ̀ léraléra lóru, bóyá mo ń rù. Mo ní rárá. Ó wá ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i, tẹ́ẹ̀sì yẹn náà, lábù yẹn náà, òun ò lè torí ìwé kan ṣoṣo pè mí ní oníṣúgà. Inú bí mi díẹ̀, mo rò pé owó mi ni wọ́n tún fẹ́ gbà.

Ó ṣàlàyé pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lójú kan, ẹnì kan náà lè ní 131 lónìí kó ní 120 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìyí oúnjẹ padà, torí náà ẹni tó bá wà nítòsí 126 lè ṣèèṣì fo ààlà yẹn lọ́jọ́ kan. Àìsàn náà máa ń gbé e sókè. Mo bá rántí pé ibà ń ṣe mí lọ́sẹ̀ yẹn! Ó ní kí ibà lọ tán pátápátá kí n tó wá.

Mo ní ṣebí bàbá àdúgbò wa, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fún wọn lóògùn. Ó ní tiwọn yàtọ̀: wọ́n ń tọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóru, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí wọn, ṣúgà wọn sì jẹ́ 348. Tírú àmì bẹ́ẹ̀ bá ti wà tí ṣúgà sì ti tó 200, àmì yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí kejì, wọn kì í dúró de ọjọ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ, mo jẹun alẹ́ ní aago mẹ́jọ, mo dé lábù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ṣọ́ ìgò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí, ìdérí ẹ̀ dà bí eérú, wọ́n ní oògùn inú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jẹ ṣúgà ara ẹ̀. Tí wọ́n bá fi sínú ìgò lásán tó pẹ́ nílẹ̀, ṣúgà á wálẹ̀ lórí irọ́, wọ́n á ní o ò ní nǹkankan.

119 ló jáde. Ká ní 128 ni, ó ti parí nìyẹn, oníṣúgà ni mí. Ṣùgbọ́n 119 náà kì í ṣe dáadáa o, láti 100 sí 125 ara ti ń kìlọ̀, kí n máa wá lọ́dọọdún. Ewúro ìyàwó mi ṣì wà nínú fíríìjì.