Ìdajì ṣíbí iyọ̀: bí mo ṣe ya ìwé àlẹ̀mógiri kan lẹ́ẹ̀mejì

Ogójì ìwé àlẹ̀mógiri ni mo tẹ̀ kí n tó mọ̀ pé àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá. 24,000 náírà ni mo san fún atẹ̀wé. A ti lẹ mẹ́sàn-án lára wọn mọ́ pátákó ìfilọ̀ ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìlera, ní ojúde mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi àti nínú ọjà, kí n tó fi ọwọ́ ara mi ká gbogbo wọn kúrò. Inú ṣì ń bí mi di òní, nítorí pé ènìyàn mẹ́jọ ni mo fi iṣẹ́ náà hàn kí n tó gbé e lọ tẹ̀, tí gbogbo wọn sì sọ pé ó dára, pé ó yé àwọn.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ìwé náà kọ́ni: bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, nígbà tí oògùn alápò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ó-áà-ẹ́ẹ̀sì kò bá sí nítòsí. Ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ ni a ó pò mọ́ lítà 1 omi mímọ́, gbogbo ṣíbí náà ni orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Yíyan àwọ̀ àti kíkọ àkọlé kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ẹgbẹ́ àwọn onílé fẹ́ kí fọ́tò alága gba ìdá mẹ́rin ìwé náà, mo kọ̀, mo sì tún máa kọ̀ bí wọ́n bá tún béèrè, nítorí pé àyè tí fọ́tò bá gbà, ṣíbí ni kò ní rí i lò.

Ti omi náà kò pẹ́ kí n tó rí ojútùú rẹ̀. Ìgò ni mo kọ́kọ́ yà, mo kọ lítà 1 sí i lára, ṣùgbọ́n ìgò tó wà nínú ilé kò dọ́gba, ẹlòmíràn sì máa ń mú èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Mo pa ìgò náà rẹ́, mo ya omi inú ọ̀rá méjì tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà sípò rẹ̀, torí pé sẹ́ńtílítà 50 ló sábà máa ń wà lára ọ̀rá kan, méjì rẹ̀ sì jẹ́ lítà kan gééré. Inú mi dùn sí èyí gan-an, kò sì sí ẹni tó ṣì í lóye láti ìgbà náà.

Ìdajì ṣíbí iyọ̀ ni ó dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, mo ya ṣíbí bí ẹni pé a ń wò ó láti òkè, mo kun apá kan rẹ̀ ní dúdú, mo sì fi apá kejì sílẹ̀ ní funfun. Lójú mi, kò sí ohun tó tún lè ju èyí lọ ní kedere. Ọjọ́ kẹta tí a lẹ ìwé náà ni nọ́ọ̀sì kan pè mí pé ìyá kan ti po omi náà bí ó ṣe rí i lára ògiri, ó sì ti bu ṣíbí iyọ̀ kan tó kún bámúbámú sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá náà tọ́ ọ wò, tí ó rí i pé ó ti le jù, tí kò sì fún ọmọ rẹ̀ mu. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ lè fa gìrì. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù pàápàá á fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ náà á sì pọ̀ sí i.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ọjà pẹ̀lú àpò iyọ̀ kan, ṣúgà, ṣíbí àti omi. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò béèrè bóyá ó yé ẹnikẹ́ni, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni nítorí ìtìjú tàbí nítorí ọ̀wọ̀. Mo kàn ní kí wọ́n bá mi po omi tí ìwé náà sọ. Nínú ènìyàn 12, àwọn 4 péré ló bu iyọ̀ náà bí ó ti yẹ. Ẹnì kan ní ṣíbí náà ti kán. Ẹlòmíràn ní iyọ̀ oríṣi méjì ni, dúdú àti funfun. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn bu ṣíbí kan tó ga bí òkìtì.

Ìyá aláta kan ló là mí lójú. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi bu ṣíbí náà kún bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, bí mo bá wọn ata ní kóńgò tí orí rẹ̀ tẹ́jú fún oníbàárà, ṣé kò ní sọ pé mo rẹ́ òun jẹ ni?” Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí mo ti kùnà. Nínú ọjà wa, ìwọ̀n tó pé ni èyí tí orí rẹ̀ ga. Ṣíbí tó tẹ́jú kò jọ ìwọ̀n rárá lójú ẹni tó ti ń wọn nǹkan láti ogún ọdún, ahun ni ó jọ. Bí mo bá kọ “tẹ́jú” sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà nígbà mẹ́wàá, ọwọ́ wọn á ṣì bu òkìtì.

Nítorí náà, mo yé ya ṣíbí lásán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti wo gbogbo rẹ̀, torí pé nígbà tí mo gbìyànjú láti ya òkìtì láti ẹ̀gbẹ́ kí n sì ya ìdajì láti òkè, àwọn ènìyàn rò pé ṣíbí ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kìíní fi ọ̀bẹ hàn níbi tí ó ti ń gé òkìtì iyọ̀ kúrò lórí ṣíbí. Nínú ìkejì, ọ̀bẹ náà dúró ṣánṣán ní àárín ṣíbí. Nínú ìkẹta, ó ń ti apá kan iyọ̀ náà padà sínú àpò, apá kan sì ṣẹ́kù. Ti ṣúgà, mo ya ṣíbí 6 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀bẹ ti gé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn tí kò ka ìwé kò bìkítà fún nọ́ńbà tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí kan ṣoṣo. Mo fi ojú ènìyàn kan tó ń sun omijé àti ahọ́n kan tó ń tọ́ omi wò parí rẹ̀: omi náà kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Mo fi ilé ìlera sí ìsàlẹ̀ pátápátá, fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí tí kò bá lè mu nǹkan mọ́.

Mo tún mú un padà sọ́jà, sọ́dọ̀ ènìyàn 12 mìíràn. Àwọn 11 pò ó dáadáa. Orí mi wú. Ìlànà kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún àmì ààbò ní kí ó kéré tán 85 nínú 100 ènìyàn lóye àmì náà, kí àwọn tó máa ṣì í lóye lọ́nà tó léwu má sì ju 5 lọ. Apá kejì yìí ni mo kà sí jù fún iṣẹ́ iyọ̀. Ẹnì kan tó kù fi ṣúgà 5 dípò 6, èyí kò dẹ́rù bà mí. Bí ó bá jẹ́ iyọ̀ ni ó fi kún un, mi ò bá tún yà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì, kí ó sì gbé ohun èlò tòótọ́ dání nígbà tí ó bá ń dán an wò. Owó ìwé kan péré ni ìyẹn ìbá ná mi. Nínú àwọn ìwé tuntun tí a lẹ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ni oòrùn ń pa jù, àwọ̀ pupa tí mo fi kun àpò iyọ̀ ti ń ṣí, nítorí náà dúdú ni mo fi ya ọ̀bẹ àti iyọ̀ nínú èyí tí mo máa tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.