Má Jẹ́ Kí Ìwé Àdéhùn Tàn Ọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Àṣẹ Alájọṣòwò

Nínú ìdánwò òfin àjọṣòwò, gbólóhùn kan wà tó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: “wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀…” Bí ọ̀pọ̀ bá ti rí “kò gbọdọ̀” báyìí, wọn kì í ka ìyókù mọ́. Wọ́n á yan ìdáhùn tó ní ilé iṣẹ́ kò jẹ gbèsè, wọ́n á sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Wo ìbéèrè yìí. K àti L jọ ń kan àga àti tábìlì tà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn pé ẹnì kankan kò gbọdọ̀ ra pákó láwìn àfi bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i. K dá lọ ra pákó láwìn lọ́wọ́ M, ó ní kó kọ ọ́ sí orúkọ ilé iṣẹ́. M mọ̀ pé alájọṣòwò ni K, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nípa àdéhùn náà rí. L ní òun ò sanwó. Èwo ló tọ̀nà?

A. Ilé iṣẹ́ kò jẹ gbèsè, nítorí àdéhùn kò fún K láṣẹ.
B. K nìkan ni yóò san án, nítorí ó kọjá àyè rẹ̀.
D. Ilé iṣẹ́ jẹ gbèsè, nítorí irú ọjà tí iṣẹ́ wọn ń lò ni, M kò sì mọ̀ pé K kò láṣẹ.
E. Ilé iṣẹ́ jẹ gbèsè, nítorí ohunkóhun tí alájọṣòwò bá ṣe de ilé iṣẹ́.

D ni. Abala 5 nínú Òfin Àjọṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890 ló gbé e ró. Ó ní aṣojú ilé iṣẹ́ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni alájọṣòwò kọ̀ọ̀kan jẹ́, àti pé ohun tó bá ṣe bí a ṣe máa ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ de gbogbo wọn. A àti B gbàgbé pé àárín K àti L ni àdéhùn náà wà. L lè bá K fà á nílé pé ó da àdéhùn. Ìyẹn kò kan M. E ló léwu jù, nítorí ìparí rẹ̀ tọ̀nà, ìdí rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Bí K bá lọ ra ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?

Àyọkúrò tó wà nínú abala náà ni kí o fara balẹ̀ kà. Ilé iṣẹ́ bọ́ bí alájọṣòwò náà kò bá láṣẹ lóòótọ́, tí ọ̀kan nínú nǹkan méjì sì tún wà pẹ̀lú rẹ̀: kí ará ìta mọ̀ pé kò láṣẹ, tàbí kó má mọ̀, kó má sì gbà pé alájọṣòwò ni. Àìláṣẹ nìkan kò tó. Bí olùbéèrè bá yí i pé L ti kọ̀wé sí M ṣáájú nípa àdéhùn náà, ìdáhùn yí padà: ilé iṣẹ́ bọ́. Bí ó bá ní K kò dárúkọ ilé iṣẹ́ rárá, tí M kò sì mọ̀ pé alájọṣòwò ni K, tó rò pé fún ara rẹ̀ ló ń rà á, ilé iṣẹ́ tún bọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé M kò gbọ́ nípa àdéhùn kankan. Apá kejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù.

Àṣìṣe mìíràn ni pé kí a fi ohun tí àwọn alájọṣòwò fúnra wọn pè ní iṣẹ́ wọn wọn òwò náà. Nínú ẹjọ́ Mercantile Credit v Garrod ti ọdún 1962, Parkin àti Garrod jọ ní gáréèjì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìwé àdéhùn wọn yọ ríra àti títa ọkọ̀ kúrò. Parkin ta ọkọ̀ kan tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ayánilówó ní £700. Ilé ẹjọ́ dá Garrod lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dá sí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìdí ni pé lójú ará ìta, irú gáréèjì bẹ́ẹ̀ a máa ta ọkọ̀. Nítorí náà, bi ara rẹ pé: kí ni irú ilé iṣẹ́ báyìí máa ń ṣe?

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó yíyá ti wọlé. Alájọṣòwò nínú ilé iṣẹ́ tó ń rajà tà lè yáwó ní orúkọ ilé iṣẹ́, bí owó náà bá jẹ́ fún òwò wọn. Ti agbẹjọ́rò tàbí dókítà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í rajà tà, nítorí náà a kò kàn gbà pé alájọṣòwò wọn láṣẹ láti yáwó. Ní ọdún 1914, nínú Higgins v Beauchamp, ilé ẹjọ́ ní ilé sinimá pàápàá kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń rajà tà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí “sinimá” tó rò pé òwò ṣáà ni òwò, ibẹ̀ ló ti máa yan ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Kí o tó yan ohunkóhun, wo òfin tí ìdánwò náà dá lé. Òfin Íńdíà ti ọdún 1932 ka àwọn nǹkan kan sílẹ̀ ní abala 19 tí alájọṣòwò kò lè dá ṣe ní orúkọ ilé iṣẹ́, àfi bí àṣà òwò náà bá gbà á: ríra ilẹ̀, gbígbé àríyànjiyàn lọ síwájú onílàjà, ṣíṣí àkáǹtì ilé iṣẹ́ ní orúkọ ara ẹni. Bí ìbéèrè bá ti ibẹ̀ wá, àkọsílẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.