Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìpíndọ́gba Ìdàgbàsókè Ọjà Láti Oṣù Dé Oṣù

Ká sọ pé iye ọjà tí a tà ní oṣù mẹ́rin tó tẹ̀léra nìyí: 1,000 ní oṣù kìíní, 1,500 ní oṣù kejì, 900 ní oṣù kẹta, àti 1,080 ní oṣù kẹrin. Ọjà náà fi 50% gòkè, ó fi 40% já wálẹ̀, ó sì tún fi 20% gòkè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lẹ́yìn èyí ni pé wọn yóò ro 50 àti 20 pọ̀, wọn yóò yọ 40 kúrò, wọn yóò pín 30 tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ọjà ń fi 10% dàgbà lóṣooṣù.

Ó rọrùn láti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Bí 1,000 bá fi 10% dàgbà, yóò di 1,100. Lẹ́yìn náà yóò di 1,210, yóò sì di 1,331 ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n 1,080 péré ni a tà. Ìyàtọ̀ 251 yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni pé orí iye kan náà kọ́ ni a ti ṣírò àwọn ìdá wọ̀nyí. Orí 1,000 ni 50% àkọ́kọ́ dúró lé, nítorí náà ọjà 500 ni ó fi kún un. Orí 1,500 ni 40% tó tẹ̀lé e dúró lé ní tirẹ̀, ọjà 600 ni ó sì kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 40 kéré sí 50. Ẹni tó bá ń rò wọ́n pọ̀ ń ṣe bí ẹni pé ìdá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jẹ́ nínú ohun kan ṣoṣo. Ẹ fi 50% kún 100, ẹ ó rí 150. Ẹ wá yọ 50% kúrò nínú rẹ̀, 75 ni yóò kù. Ìròpọ̀ ìdá méjèèjì jẹ́ òdo, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ọjà ti lọ.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a fi ìsọdipúpọ̀ rọ́pò ìròpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pín iye oṣù tó kẹ́yìn sí ti oṣù àkọ́kọ́: 1,080 tí a pín sí 1,000 jẹ́ 1.08. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí ọjà ti oṣù kan bọ́ sí òmíràn, kì í ṣe iye oṣù. Ibí yìí ni àwọn tó mọ ìṣirò pàápàá ti máa ń kọsẹ̀: oṣù mẹ́rin ni a ní, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni ọjà yí padà. Ẹni tó bá lo mẹ́rin yóò rí 1.9%, èyí tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìparí, ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi sọ 1,000 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò di 1,080. Nínú Excel, bí iye ọjà bá wà láti B2 dé B5, ẹ tẹ èyí:

```
=(B5/B2)^(1/3)-1
```

Ìdáhùn ni 0.026, ìyẹn 2.6%. Láti mọ̀ bóyá ó tọ́, ẹ fi 1.026 sọ 1,000 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 1,026, lẹ́yìn náà nǹkan bíi 1,053, lẹ́yìn náà 1,080.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìròpọ̀ máa ń ṣini lọ́nà tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdàgbàsókè bá jẹ́ 2%, 3% àti 1%, ọ̀nà méjèèjì yóò sún mọ́ 2% gan-an. Bí ọjà bá ṣe ń fò sókè tó ń já wálẹ̀ tó ni àlàfo náà ṣe ń fẹ̀ tó, ìròpọ̀ ni yóò sì máa fúnni ní iye tó ga jù.

Ọ̀nà tó tọ́ yìí náà ní ibi tó mọ. Oṣù àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni ó ń wò, kò sì bìkítà bóyá 900 tàbí 9,000 ni a tà láàárín. Bí oṣù àkọ́kọ́ bá jẹ́ oṣù tí ọjà kú, ìdá tí a óò rí yóò ga ju bí ọjà ṣe rí lọ; bí a kò bá sì ta nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sí ìdáhùn rárá, nítorí a kò lè pín nǹkan sí òdo. Fún ọjà tó máa ń gbóná ní àkókò kan lọ́dún, ó sàn kí a fi oṣù kan wé oṣù kan náà ní ọdún tó ṣáájú, kí a sì lo 1/12 dípò 1/3.