Sítọ́ọ̀pù tí kì í tètè já mi sílẹ̀ mọ́

Sítọ́ọ̀pù ni àṣẹ tó máa ń ta Bítíkọ́ìnì mi fúnra rẹ̀ tí iye rẹ̀ bá já dé ibi tí mo gbé e sí. Èyí tó ń fi ìdá 10 nínú 100 tẹ̀ lé òkè tí Bítíkọ́ìnì bá dé ló máa ń já mi sílẹ̀ láìtọ́jọ́. Ní báyìí, abẹ́ ibi tí ọjà ti sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn ni mo ń gbé e sí, ìyẹn tó bá ti kọjá òkè tó dé tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ọdún 2024. Lóṣù kejì, ó sọ̀ dé nǹkan bí 50,500 dọ́là, ó wá kọjá 53,000, òkè tó dé tẹ́lẹ̀: sítọ́ọ̀pù bọ́ sí 50,000. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta, ó kan 69,000, ó sì já sí nǹkan bí 59,000 lọ́jọ́ kan náà. Ti ìdá 10 ì bá ti já ní 62,100. Ti 50,000 kò mì rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjà kọjá 73,000. Àmọ́ èrè tó ń bọ́ lọ́wọ́ kí irú sítọ́ọ̀pù yìí tó já pọ̀ o!