Kí sítíkà yín má baà pòórá
Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó yọ Wasáàpù kúrò lórí fóònù láti tún un gbé sí i, ẹ kọ́kọ́ fi àwọn sítíkà tí ẹ ṣe fúnra yín ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ara yín, kí ẹ wá ṣe bákọ́ọ̀pù. Orí fóònù ni àwọn tí ẹ kó sí ààyò wà, wọ́n sì lè bá áàpù lọ. Èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ ló máa ń bá bákọ́ọ̀pù padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún fi kún ààyò.

Áàpù mìíràn ni mo fi gé ẹ̀rín ọmọ mi ṣe sítíkà. Bí mo ṣe yọ áàpù yẹn báyìí, gbogbo wọn lọ! Ó dùn mí gan-an.

Ní ti jífù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi ìràwọ̀ sí i.