Èrè nìkan ló wọlé, wọ́n tún ti fi owó mi ra bíìlì mìíràn

Owó ilé mi ku ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́jọ́ tí trẹ́ṣọ́rì bíìlì mi, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ wa fún ìgbà díẹ̀, pé. Ọjọ́bọ̀ ni. Látìgbà tí mo ti rà á ni mo ti mọ ọjọ́ yẹn, torí owó ilé gan-an ni mo ṣe rà á. Nígbà tí mo ṣí àkáǹtì mi láàárọ̀, owó kékeré kan ni mo rí níbẹ̀. Èrè nìkan ló wọlé. Owó tí mo fi ra bíìlì náà kò sí níbẹ̀.

Kí ìṣirò má bàa rú yín lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ pé 100 ni bíìlì mi yóò san lọ́jọ́ tó bá pé. Bí ẹ bá ra púpọ̀, ẹ kàn máa sọ ọ́ di ìlọ́po ni. Ọlọ́jọ́ 182 ni, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún sì ni wọ́n tà á. Ìjọba kì í fi èlé kún trẹ́ṣọ́rì bíìlì lẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi 10 lọ́nà 182, kí ẹ pín in sí 365, 4.99 ni. Nítorí náà 95.01 ni mo san, 100 ni mo sì ń retí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé èrè mi ju ìdá 10 tí wọ́n kọ lọ, torí orí 95.01 ni mo ti jẹ 4.99, kì í ṣe orí 100. Bí a bá nà án dé ọdún kan, ó lé díẹ̀ ní ìdá 10.5. Ẹni tó bá fẹ́ fi bíìlì wé owó tí a dè sí báńkì ní láti kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rò pé bíìlì kéré.

Bí a ṣe ń rà á kò le rárá: ẹ kọ fọ́ọ̀mù, báńkì á bá yín gbé e lọ sí gbàǹjo, wọ́n á yọ owó. Fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí bíìlì bá pé. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ fún mi, kí wọ́n fi ojú owó ra òmíràn kí wọ́n sì san èrè, tàbí kí wọ́n tún fi gbogbo rẹ̀ rà. Wọ́n ti máàkì èkejì kí fọ́ọ̀mù tó dé ọwọ́ mi. N kò wo ibẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tí bíìlì pé, wọ́n gba 100, wọ́n fi 95.01 ra ọlọ́jọ́ 182 mìíràn ní ìdá 10 kan náà, wọ́n sì dá 4.99 padà sínú àkáǹtì mi. Owó ilé mi ti wọ oṣù mẹ́fà mìíràn.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó gbé fóònù sọ pé, “Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú. A ò lè fagi lé e mọ́, àfi kí ẹ tà á.” Mo ní kí wọ́n bá mi tà á. Ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ fúnra mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n dá a padà: ìbuwọ́lùwé mi kò jọ èyí tó wà nínú fáìlì. Mo tún lọ, mo tún buwọ́ lù ú níwájú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ pé àwọn tó ń ra bíìlì padà kò sí ní ẹ̀ka tí mo wà yẹn, pé olú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n wà, àti pé iye tí wọ́n bá dá lówùúrọ̀ lè má sí mọ́ ní ọ̀sán. Ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà mi ti ń rìn láàárín tábìlì méjì, ọjà ò sì dúró dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tó rà á, ìdá 12 ni wọ́n rà á. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni owó tó wọlé, nígbà tí ọjọ́ 175 ṣì kù lórí bíìlì náà. Ẹ bá mi wò ó: 12 lọ́nà 175, ká pín in sí 365, ó jẹ́ 5.75. Ẹni tó rà á kò ní san ju 94.25 lọ. Mo ti pàdánù 0.76, owó iṣẹ́ wọn sì tún mú 0.10. Nínú 4.99 tí mo fi oṣù mẹ́fà jẹ, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́fà tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdá 12 yẹn ni mo fẹ́ kí ó yé yín, torí ó jọ pé ó dára létí. Bí ìdá bá gòkè, iye bíìlì tó wà lọ́wọ́ yín ló ń wálẹ̀. Ká ní ìdá 10 náà ni wọ́n ti rà á, 95.21 ni wọn ì bá san, èrè ọ̀sẹ̀ kan náà ì bá sì wà lọ́wọ́ mi. Ohun méjì ló gbé e dé 12: èlé inú ọjà ti gòkè lọ́sẹ̀ yẹn, alárinà tó rà á sì ń jẹ èrè tirẹ̀, ó máa ń rà lọ́wọ́ wa ní ìdá tó ga ju èyí tó fi ń tà fún wa. Ẹni tó bá di bíìlì rẹ̀ mú títí tó fi pé kò ní wàhálà yìí, 100 rẹ̀ kò yẹ̀. Ìjọba san tèmi láìfi wákàtí kan falẹ̀. Èmi ni wọ́n kó sínú títà.

Mo san owó ilé, ọjọ́ méjì ló kù. Lẹ́yìn náà ni mo tún ètò mi tò.

Báyìí, owó tí n kò bá mọ ọjọ́ tí màá fi ná, inú mọ́nì-mákẹ́ẹ̀tì ni mo ń fi sí. Wọ́n ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, wọ́n ń fi ra trẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìwé gbèsè ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí kò ní pẹ́ pé, àti owó tí a dè sí báńkì. Ojoojúmọ́ ni èrè ń wọlé, n kò sì ní láti wá ẹni tí yóò ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìdá rẹ̀ ń yí padà, kò dàbí bíìlì tí mo ti mọ èrè rẹ̀ kí n tó sanwó. Kì í sì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni owó ń jáde: mo fi ìwọ̀nba díẹ̀ dán an wò kí n tó kó èyí tó pọ̀ síbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló gbà, òpin ọ̀sẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo tún máa ń ka ìwé oṣooṣù wọn láti wo ohun tí wọ́n rà. Ní Amẹ́ríkà, mọ́nì-mákẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Reserve Primary Fund ra ìwé gbèsè Lehman Brothers, báńkì ńlá kan níbẹ̀. Nígbà tí Lehman wó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ìpín tí gbogbo èèyàn kà sí dọ́là kan géérégé bọ́ sí sẹ́ǹtì 97, wọ́n sì dá owó àwọn èèyàn dúró. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀, bíìlì ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀, èlé rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Owó ilé ṣì wà nínú bíìlì. Mo ń ra èyí tí yóò pé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ owó ilé, mo sì ń fi bírò mi máàkì àpótí àkọ́kọ́, mo ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà kí n tó fi sílẹ̀. Èyí tó pé kẹ́yìn, 100 pé pérépéré ló wọlé láàárọ̀.

Mo kọ̀wé béèrè 0.86 mi lọ́wọ́ báńkì náà. Wọ́n fèsì pé ìbuwọ́lùwé mi wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù. Ìbuwọ́lùwé kan náà tí wọ́n ní kò jọ tèmi lórí lẹ́tà ni wọ́n wá gbà pé tèmi ni lórí fọ́ọ̀mù. Mo ti kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà kejì, mo ń retí èsì wọn.