Irun ìyàwó tó pọ́n jù nínú fótò: bí mo ṣe dá a padà sí rúsúrúsú

Ọjọ́ kẹta tí mo kó fótò ìgbéyàwó náà ránṣẹ́ ni ìyàwó kọ̀wé sí mi lórí Wáásáàpù. Ìbàdàn ni mo ti ń ya fótò, mo sì ti mọ̀ pé tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá kí ìyàwó tó sọ̀rọ̀, ó ti fara balẹ̀ wo iṣẹ́ náà, àwọn ẹbí sì ti bá a wò ó. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àwọn fótò yẹn dùn mọ́ wa gan-an, ọkọ mi ní kí n bá òun dúpẹ́. Nǹkan kékeré kan ló kù, ẹ jọ̀ọ́ mà. Irun orí mi nínú àwọn tí ẹ yà ní họ́ọ̀lù ti pọ́n jù. Irun tí mo rà, rúsúrúsú ni, bí obì àbàtà tó ti gbẹ. Nínú fótò, ó dà bíi pé wọ́n fi epo pa á. Màmá ọkọ mi tiẹ̀ bi mí pé ṣé mo pààrọ̀ irun kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mẹ́fà ló kàn: 0412, 0418, 0419, 0427, 0433 àti 0450. Mo fi èyí tí àbúrò mi yà fún mi lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ránṣẹ́, àwọ̀ irun náà gan-an nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ojú mi o, bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ."

Ìwé yìí dára ju ọ̀pọ̀ tí mo ń gbà lọ. Ó sọ ibi tí nǹkan ti yí, ó ka nọ́ńbà fótò, ó fún mi ní fótò tí mo lè fi wé e, ó sì sọ ohun tí kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Ẹlòmíì á kàn ní "irun mi ò dáa", èmi á wá máa méfò.

Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, mo bi í léèrè ohun kan: ṣé kì í ṣe pé fóònù ẹ̀ wà lórí ètò alẹ́, èyí tó máa ń sọ gbogbo ojú fóònù di pupa rẹ́súrẹ́sú kó má baà ta ojú? Mo ti tìtorí irú fóònù bẹ́ẹ̀ tún iṣẹ́ tí kò bàjẹ́ ṣe rí. Ó ní rárá o, òun ti wò ó lórí kọ̀ǹpútà ọkọ òun náà, bákan náà ló rí. Mo ṣí 0418 fúnra mi. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀bi náà kò sí lára irun, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láti ojú fèrèsé ló wà lára rẹ̀, irun sì jáde bó ṣe rí. Ní họ́ọ̀lù, fíláàṣì mi wà níwájú rẹ̀, àwọn gílóòbù tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n sì sún mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì jọ ti oòrùn ọ̀sán, nǹkan bíi 5500 K lórí òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Irú gílóòbù yẹn kì í ju nǹkan bíi 3000 K lọ, bí iye yẹn bá sì ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ́n tó. Fíláàṣì ni mo ṣètò kámẹ́rà fún, nítorí náà ojú rẹ̀ mọ́ kedere bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n gílóòbù ẹ̀yìn da pupa sórí irun láti àárín orí dé èjìká. Ká ní mo ti fi ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn bo ẹnu fíláàṣì ni, tí mo sì ṣètò kámẹ́rà fún un, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ì bá bára mu. Mi ò fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tó yá jù, ìyẹn kí n fa `Temp` gbogbo fótò sílẹ̀. Irun rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ìyàwó di bí ojú ẹni tí ọyẹ́ mú, aṣọ funfun ọkọ rẹ̀ sì di aró. Mo dá a padà kíá. Irun nìkan ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kàn.

Kí n tó fọwọ́ kan irun, mo fẹ́ mọ bí àwọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, torí pé ojú máa ń tan ni. Mo ṣí fótò ẹ̀bá fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0418 nínú Photoshop, mo mú `Eyedropper`, mo fi í sí `5 by 5 Average` kó má baà jẹ́ ẹyọ fọ́nrán kan ni yóò kà, mo sì sọ `Info` di HSB. Fótò ẹ̀bá fèrèsé kà báyìí: H 18, S 42, B 24. Ti họ́ọ̀lù, níbi tí irun ti pọ́n jù: H 17, S 71, B 46.

Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. H ló ń sọ irú àwọ̀ tí nǹkan jẹ́, ìwọ̀n kan péré ló sì wà láàárín wọn. Èyí túmọ̀ sí pé irú àwọ̀ tí irun náà jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Rúsúrúsú kò ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn àwọ̀; àwọ̀ ọsàn náà ni, tó ṣókùnkùn, tí agbára rẹ̀ sì ti dínkù. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i tí àwọ̀ rẹ̀ sì kún sí i, ọsàn inú rẹ̀ á jáde síta. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "ẹ bá mi yí àwọ̀ irun mi padà" tó wá lọ ń fa `Hue`, ibi tí kò ṣẹ̀ ló ń nà. Irun á bọ́ sí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò, kò ní dé rúsúrúsú láé. S, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe kún tó, àti B, ìyẹn bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, ni mo ní láti dín kù.

Mo ṣí `Curves`, mo sọ ọ́ di `Luminosity` kó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò kàn, mo sì fa àárín ìlà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò lo `Lightness` tó wà nínú `Hue/Saturation`, torí ó máa ń pa dídán irun, irun á wá dà bí òwú tí a rì bọ inú èédú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí `Hue/Saturation`, mo sì fa `Saturation` wá sí -35. Mo kó méjèèjì sínú `Group` kan, mo fi `Mask` dúdú bo gbogbo rẹ̀, mo wá fi bíróòṣì funfun tó rọ̀ ṣí ibi irun nìkan, pẹ̀lú `Flow` 15. Bí `Flow` bá kéré báyìí, ọwọ́ kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Èèyàn á máa kùn ún léraléra títí yóò fi tó.

Iwájú orí gba sùúrù jù. Wíìgì náà ní léèsì tó lẹ̀ mọ́ awọ iwájú orí, pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ sílẹ̀. Awọ ara wa náà sì wà ní agbègbè àwọ̀ ọsàn yẹn, nítorí náà ibi tí bíróòṣì bá ti ṣèèṣì kan awọ, eérú ló máa ń dà síbẹ̀. Mo sún fótò sí 100%, mo ń pa `Group` náà, mo ń tàn án, mo sì ń wo etí àti iwájú orí. Ní 0427, mo rí ìlà eérú tẹ́ẹ́rẹ́ lókè etí òsì. Mo fi bíróòṣì dúdú nu ún kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni iyùn. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn mẹ́ta yí irun rẹ̀ ká, pupa iyùn sì gbọ́dọ̀ dúró, torí òun ló bá ti ọrùn àti ti ọwọ́ ọkọ mu. Mo fi bíróòṣì dúdú kékeré yọ iyùn kọ̀ọ̀kan jáde lábẹ́ `Mask`, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Ibẹ̀ ló gba àkókò mi jù.

Fọ́nrán tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, mo tọ̀ wọ́n láti ìdí dé orí pẹ̀lú bíróòṣì tí kò ju píksẹ́lì mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú gílóòbù gan-an, mo fi pupa wọn sílẹ̀. Irun tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń pọ́n lójú ayé pàápàá. Bí mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, orí ìyàwó á dà bí ohun tí wọ́n gé láti ibòmíì wá lẹ̀ síbẹ̀. Ìdí yìí náà ni mi ò ṣe fa irun dé nọ́ńbà ẹ̀bá fèrèsé. Ibi tó ti pọ́n jù ní 0418 wá ń kà H 17, S 50, B 33, mo sì dúró síbẹ̀.

Mo da `Group` yẹn kọ sórí márùn-ún yòókù, àmọ́ mo kun `Mask` kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí orí kò dúró síbì kan náà. Ní 0450 tí wọ́n ti ń jó, mo ní láti dín agbára rẹ̀ sí ìlàjì, torí iná ẹ̀yìn kò tó ti tẹ́lẹ̀. 0433 ló fẹ́ tàn mí. Dígí ńlá kan wà lẹ́yìn àga ìyàwó. Mo ti parí iṣẹ́, mo ti fẹ́ pa á dé, kí n tó rí i pé irun orí rẹ̀ ti di rúsúrúsú ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú dígí ṣì ń pọ́n fòò. Mo kun ti dígí náà.

Mo tọ́jú èyí tó ní ìpele sí `.psd`, mo sọ ẹ̀dà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ di `sRGB IEC61966-2.1` kí fóònù gbogbo lè kà á bákan náà, mo sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Bí a bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fótò lásán, Wáásáàpù á fún un pọ̀, fọ́nrán irun á sì dàpọ̀ mọ́ra. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyàwó wa, ẹ bá mi fi 0418 hàn màmá ọkọ yín kí wọ́n fi wé ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fọwọ́ kan ojú yín."

Ó fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà: "Irun mi rèé! Màmá ní àwọn ti wá mọ irun tí àwọn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣeun mà." Ó bèèrè iye owó. Mo sọ fún un pé fíláàṣì mi ló fà á, kò san nǹkan kan.

Kí wọ́n tó tẹ álúbọ́ọ̀mù, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ 0418 kan ṣoṣo wá fún mi, torí pé ohun tó ṣókùnkùn lórí kọ̀ǹpútà máa ń ṣókùnkùn sí i lórí ìwé. Nígbà tó dé, irun ẹ̀yìn ọrùn ti fẹ́ di dúdú. Mo gbé `Curves` sókè díẹ̀ fún ẹ̀dà títẹ̀ nìkan, wọ́n tún un tẹ̀, rúsúrúsú inú rẹ̀ sì hàn.